Ibi Tí Orí Ti Pàdé Ọrùn: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Àbùkù Tí Ń Tú Àṣírí Àwòrán Tí A Tún Ṣe

Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Kétu, tí ó gba òpópónà Ìkòsí wọlé, tí ó sì tún yọ sí ojú títì márosẹ̀ Ìkòròdú títí tí ó fi dé Máìlì 12, níbi tí àwọn alátà àti onítòmátì kì í ti í sinmi tọ̀sán-tòru, kò lè ṣàìrí ojú àwọn tí ó ti re ibi àgbà ń rè lára ògiri àti lára òpó iná: ìyá àgbà nínú léèsì àti gèlè, bàbá àgbà nínú agbádá àti fìlà, orúkọ wọn lábẹ́ àwòrán, ètò ìsìnkú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àlejò tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò rò pé gbogbo wọn ni wọ́n jókòó síwájú ayàwòrán nínú aṣọ wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé orí nìkan ni tiwọn. Aṣọ, èjìká, àti nígbà mìíràn ọrùn pẹ̀lú, ara ẹlòmíràn ni a ti gé wọn wá, tí a sì fi kọ̀ǹpútà so wọ́n pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ju yàrá kékeré kan lọ. Bákan náà ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wọ ẹ̀wù pénpé wọ ilé onífọ́tò, tí ó sì jáde pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tí ó ti wọ kóòtù dúdú àti táì.

Èmi kò bá àwọn oníṣẹ́ yìí jà nítorí pé wọ́n ń wọ òkú láṣọ. Ìyá tí ó ta ata títí tí ó fi tọ́ ọmọ márùn-ún jáde ní yunifásítì, tí kò sì ní fọ́tò kan ju èyí tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi tẹlifóònù yà nígbà tí ó wà nídìí ọjà, kò yẹ kí àwọn ọmọ rẹ̀ sin ín pẹ̀lú àwòrán tí apẹ̀rẹ̀ tòmátì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí wọn kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni iṣẹ́ tí a kò ṣe parí: orí tí ó léfòó lórí ọrùn, ọrùn tí ó dúdú ju ojú lọ pẹ̀lú ìlà gbọọrọ láàárín wọn, etí léèsì tí ó ní funfun yíká, àti òjìji tí ó lọ sí apá ọ̀tún lójú, tí ó sì lọ sí apá òsì láyà. Àwọn baba wa sọ pé funfun niyì eyín, ẹ̀gun gàgàgà niyì ọrùn. Ọrùn tí a já, tí a sì so tí kò so dáadáa, kò ní iyì kankan tí ó lè fún ẹni tí ó ni ín.

Ìṣòro yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Kí a tó gbọ́ orúkọ Photoshop, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1990, ni àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá ti ń so àwòrán méjì pọ̀ nínú yàrá òkùnkùn. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò, Ìlá Ọ̀ràngún sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ibi tí ó ti ṣe ìwádìí náà. Ó ṣàlàyé ohun tí a ń ṣe fún ìbejì, ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, bí ọ̀kan nínú wọn bá ti padà sí ọ̀run kí a tó ya wọ́n pọ̀: a ó ya èyí tí ó wà láyé, a ó sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí ó lè dàbí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé takọtabo ni wọ́n, a ó ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀kan nínú aṣọ tirẹ̀, a ó sì tún yà á nínú aṣọ èkejì rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá òkùnkùn mọ̀ pé àárín ni ogun wà. A ó fi páálí bo ìdajì ìwé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ ìdajì kejì, lẹ́yìn náà a ó yí i padà. Bí páálí náà bá sún mọ́ ìwé jù, ìlà gbáko ni yóò yọ láàárín, bí a bá sì gbé e sókè díẹ̀ tí a ń mì ín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ààlà náà yóò rọ̀, ojú kò sì ní tètè rí i. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó jù nínú iṣẹ́ náà ti ṣẹlẹ̀ kí a tó wọ yàrá òkùnkùn: ọmọ kan náà, ìjókòó kan náà, fèrèsé kan náà ni ìmọ́lẹ̀ ti wá. Ìmọ́lẹ̀ bára mu, nítorí náà páálí nìkan ni ó kù láti ṣe.

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ òde òní wò. Ìlà ọrùn, etí aṣọ àti òjìji tí kò bára mu, tí àwọn ènìyàn máa ń kà bí àrùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àrùn kan ṣoṣo ni wọ́n: ìmọ́lẹ̀ méjì ni ó pàdé lára ènìyàn kan. Ìlà ọrùn yọ nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí ó kan ojú kò ní àwọ̀ àti agbára kan náà pẹ̀lú èyí tí ó kan àyà. Etí léèsì funfun nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ara ògiri tí ó wà lẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà nínú òwú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú búrọ́ọ̀ṣì, tí ó ń pa ìlà ọrùn rẹ́ kí ó tó mú ìmọ́lẹ̀ méjèèjì bára mu, yóò pa á rẹ́ títí tí ilẹ̀ yóò fi ṣú; ìlà náà yóò kàn di ọ̀nà fífẹ̀ tí ó ń dán, tí kò ní ihò awọ, tí kò sì ní ìhunjọ, èyí tí ó burú ju ìlà àkọ́kọ́ lọ. Ètò iṣẹ́ ni oògùn rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ni a ń tún ṣe ṣáájú, àwọ̀ ni ó tẹ̀ lé e, ìsopọ̀ lẹ́yìn èyí, òjìji ni ó sì ń gbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n mú iṣẹ́ kan tí mo wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ìkòsí ṣe àpẹẹrẹ. Fọ́tò ìyá àgbà kan tí ó ti dolóògbé ni, èyí tí a fi tẹlifóònù yà lọ́sàn-án lábẹ́ agbòòrùn ńlá aláwọ̀ búlúù ní Máìlì 12. Gèlè kékeré wà lórí rẹ̀, irun funfun díẹ̀ yọ ní ẹ̀bátí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ara tí àwọn ọmọ yàn fún un ni ti obìnrin kan nínú léèsì funfun, pẹ̀lú iyùn lọ́rùn àti ìborùn lórí èjìká òsì, tí a yà nínú ilé fọ́tò pẹ̀lú iná ńlá kan tí a fi aṣọ bò kí ó má baà le jù.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà ṣe ni pé ó kọ fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́. Orí WhatsApp ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, WhatsApp sì máa ń fún fọ́tò bẹ́ẹ̀ pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, tí awọ ojú yóò fi di àwọn igun mẹ́rin-mẹ́rin wẹ́wẹ́. Ó ní kí wọ́n padà sórí tẹlifóònù tí ó ya fọ́tò náà, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document, kí ó lè dé bí ó ti wà. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí ojú yóò bá fẹ̀ tó íńṣì mẹ́fà lórí pósítà, tí a sì fẹ́ kí píkísẹ́lì 150 wà nínú íńṣì kọ̀ọ̀kan, ojú náà gbọ́dọ̀ ní píkísẹ́lì 900 ní ìbú. Èyí tí ó kọ́kọ́ dé kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tí ó dé lẹ́yìn sún mọ́ ọn. Àìtó píkísẹ́lì kì í ṣe ohun tí a lè fi búrọ́ọ̀ṣì dá padà.

Lẹ́yìn náà ó wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Àmì rẹ̀ wà lójú fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wò: òjìji imú, òjìji abẹ́ àgbọ̀n, àti ìtànṣán kékeré tí ó wà nínú ẹyinjú. Lójú ìyá náà, agbòòrùn ti dí oòrùn òkè lọ́nà, ẹ̀gbẹ́ títì tí ó ṣí sílẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti wọlé, ní ọ̀tún ẹni tí ń wo àwòrán. Lára obìnrin tí ó wọ léèsì, òjìji iyùn fi hàn pé láti òsì ni iná ti wá. Èyí nìkan tó láti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, bí ó ti wù kí ìsopọ̀ dára tó. Ọ̀nà méjì ni ó wà: kí a wá ara mìíràn tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ọ̀tún wá, tàbí kí a yí ara náà padà lápá ọ̀tún sí òsì pẹ̀lú Flip Horizontal. Ó yí ara náà padà, ìborùn sì bọ́ sí èjìká ọ̀tún, èyí tí kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí yíyí padà yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni ó ń fi ṣe ara rẹ̀ níkà. Ara ni a ń yí, a kì í yí ojú. Ojú ènìyàn kò dọ́gba lápá méjèèjì, àwọn tí ó sì bá olóògbé gbé ti mọ apá wo ni ẹnu rẹ̀ máa ń wọ́ sí bí ó bá rẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó kọ ilà bàámú, tí a fà láti orí imú wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, yíyí ojú náà padà yóò gbé ilà rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, ẹbí yóò sì wo pósítà náà, ọkàn wọn kò sì ní balẹ̀, àní bí wọn kò bá tilẹ̀ lè sọ ohun tí ó ṣe é. Ara pẹ̀lú ní èèwọ̀ tirẹ̀: kóòtù ọkùnrin tí a bá yí padà, àpò àyà rẹ̀ yóò bọ́ sí ọ̀tún, bọ́tìnnì rẹ̀ yóò di ti obìnrin, aṣọ ẹgbẹ́ tí a kọ nǹkan sí, lẹ́tà rẹ̀ yóò dojú kọ ẹ̀yìn.

Ó wá kan ìwọ̀n. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í wà nídìí kọ̀ǹpútà kí orí ìyá àgbà wọ́ lórí èjìká. Ọ̀gá náà kò fojú díwọ̀n. Ó mú fọ́tò mìíràn tí ìyá náà dúró nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ìjọ, ó wọn ìbú orí rẹ̀ mọ́ ìbú èjìká rẹ̀, ó sì fi ìwọ̀n yẹn gbé orí náà kalẹ̀ lórí ara tuntun. Orí tí ó tóbi jù ni àbùkù tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní ìgboro wa, nítorí pé àwọn oníbàárà fẹ́ kí ojú hàn, oníṣẹ́ á sì máa fẹ̀ ẹ́ títí tí èjìká yóò fi dàbí ti ọmọdé. Ó sì dára kí ojú hàn, ṣùgbọ́n gbogbo àwòrán ni kí a fẹ̀.

Nígbà tí ìyẹn parí ni ó tó dé orí àwọ̀. Agbòòrùn búlúù ti da búlúù sí ojú ìyá náà, pàápàá jù lọ sí iwájú orí, nígbà tí àgbọ̀n rẹ̀ tí ó jìnnà sí aṣọ agbòòrùn kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó ti mọ̀ ni irun funfun ẹ̀bátí: ewú kì í ní àwọ̀, nítorí náà bí ewú bá dàbí búlúù lójú àwòrán, búlúù náà wà lára awọ pẹ̀lú. Ó ṣí Curves, ó rẹ búlúù sílẹ̀, ó gbé pupa sókè díẹ̀, títí tí ewú fi di funfun tòótọ́. Ṣùgbọ́n ó fi Layer Mask dín in kù ní apá àgbọ̀n, nítorí pé ẹni tí ó bá yọ búlúù kúrò ní ìwọ̀n kan náà níbi gbogbo yóò sọ àgbọ̀n di ọsàn. Lẹ́yìn èyí ni ó pa àwọ̀ gbogbo àwòrán fún ìgbà díẹ̀, kí ó kù ní dúdú àti funfun, kí ó lè fi bí ojú ti mọ́lẹ̀ tó wé bí àyà ti mọ́lẹ̀ tó láìsí pé pupa tàbí búlúù ń tan ojú rẹ̀ jẹ. Ìgbà tí ojú àti àyà bára mu ní dúdú àti funfun ni ó tó dá àwọ̀ padà. Ìgbésẹ̀ kékeré yìí, tí kò gba ìṣẹ́jú kan, ni mo rí pé ó ń pa ju ìdajì ìlà ọrùn lọ, kí a tó fọwọ́ kan ọrùn rárá.

Ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe déédéé fún ẹni tí ó fẹ́ fi ara ẹlòmíràn wín òkú. Ọrùn ta ni a ó lò? Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń gé orí ní ìlà àgbọ̀n, wọ́n á sì gbé e lé ọrùn ẹni tí ó ni aṣọ. Ọrùn obìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún lábẹ́ ojú ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún ni ó ń jáde, kò sì sí òjìji tí ó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ọ̀gá náà gbé ọrùn ìyá náà wá pẹ̀lú orí rẹ̀, pẹ̀lú ìhunjọ rẹ̀ gbogbo, ó sì jẹ́ kí ìsopọ̀ bọ́ sí abẹ́ iyùn. Bí ẹni tí ń rán aṣọ òfì ti ń fi ojú ìránpọ̀ sí ibi tí ìlà aṣọ fúnra rẹ̀ wà, kí ẹni tí ń wò ó lè rò pé ara ọnà ni, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìsopọ̀ àwòrán máa wà níbi tí ojú ti ń retí ààlà tẹ́lẹ̀: abẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, etí ọrùn bùbá, inú ìhunjọ ọrùn, òjìji abẹ́ àgbọ̀n. Ó gé iyùn náà sọ́tọ̀, ó gbé e sí ìpele tirẹ̀ lókè, lẹ́yìn náà ó mú búrọ́ọ̀ṣì dúdú tí Hardness rẹ̀ wà ní 0, tí Flow rẹ̀ kò ju bí 15 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń nu etí ọrùn náà lórí Layer Mask díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀nà tí kò tọ́ gbọọrọ, nítorí pé ojú ènìyàn yára láti rí ìlà tí ó tọ́ ju èyí tí ó wọ́ lọ.

Ohun kan ṣì kù tí ó lè tú àṣírí. Àwòrán ilé fọ́tò mú kedere; ti tẹlifóònù ní hóró wẹ́wẹ́, kò sì mú tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní sùúrù yóò fẹ́ mú ojú náà kedere, yóò sì sọ awọ ìyá àgbà di iyanrìn. Ọ̀gá náà ṣe òdì-kejì rẹ̀: ó fi Gaussian Blur tí kò ju píkísẹ́lì kan lọ rọ aṣọ àti èjìká náà, lẹ́yìn náà ó fi Add Noise, ìwọ̀n 2 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú Monochromatic, sórí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, kí hóró kan náà lè wà láti orí gèlè dé ìsàlẹ̀ léèsì. Níbi tí àmì díẹ̀ ṣì kù ní ẹ̀gbẹ́ iyùn, Clone Stamp ni ó lò. Healing Brush, tí ó wọ inú Photoshop ní ọdún 2002, dára púpọ̀ ní àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá sún mọ́ etí nǹkan tí àwọ̀ rẹ̀ le, yóò fa àwọ̀ náà wọ inú awọ, pupa iyùn á sì tàn sí ọrùn.

Etí aṣọ ni ó gba àkókò jù. Léèsì ní ihò, ihò kọ̀ọ̀kan sì ti gbé díẹ̀ lára ògiri eérú ilé fọ́tò wá. Nígbà tí a gbé e sí iwájú àwọ̀ mìíràn, gbogbo ihò náà di àwọn ẹyọ eérú kéékèèké tí ń kígbe pé a ti ibòmíràn wá. Ibi tí awọ ara wà lẹ́yìn ihò kò ní wàhálà, nítorí pé ara obìnrin náà wà níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni a ó mú bá ti ìyá mu. Etí apá aṣọ, níbi tí kò sí ara lẹ́yìn, ni ó le. Níbẹ̀ ó fi Select, Color Range mú àwọ̀ eérú náà, ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ihò. Fún funfun tí ó yí èjìká ká, ó kọ́kọ́ lo Defringe ní píkísẹ́lì kan, èyí tí ó wà lábẹ́ Layer, Matting. Níbi tí ìyẹn kò tó, ó sún etí náà wọlé díẹ̀. Kò sì jẹ́ kí gbogbo etí mú ní ìwọ̀n kan náà. Èjìká tí ó sún mọ́ wa mú, èyí tí ó yí sẹ́yìn rọ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ǹsì ti ń rí wọn. Àwòrán tí etí rẹ̀ mú bákan náà yíká máa ń hàn lójúkan náà bí ohun tí a fi àlùmọ́gàjí gé, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà pàápàá yóò sì mọ̀ ọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ni etí aṣọ ń dójú tì. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹta, ọdún 2024, ààfin Kensington ní Lọ́ńdọ̀nù fi fọ́tò Kéètì, ìyàwó àrẹ̀mọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta. Láàárín ọjọ́ kan náà, àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn àgbáyé bíi AP, Reuters àti AFP ní kí àwọn oníbàárà wọn má lo fọ́tò náà mọ́, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sì rí ni pé ọwọ́ òsì ọmọbìnrin tí ó wà nínú wọn àti etí ọwọ́ aṣọ rẹ̀ kò bára mu. Ní ọjọ́ kejì, Kéètì tọrọ gààfárà, ó ní òun ni òun ṣe àtúnṣe náà. Gbogbo ọlá ààfin kò bo etí ọwọ́ aṣọ kékeré kan.

Òjìji ni ó kẹ́yìn, òun sì ni ó ń so gbogbo rẹ̀ mọ́ ara wọn. Gèlè ńlá tí a fi rọ́pò èyí kékeré tí ó wà lórí ìyá náà gbọ́dọ̀ ju òjìji sí iwájú orí rẹ̀. Iyùn gbọ́dọ̀ ju òjìji sí ọrùn. Àgbọ̀n gbọ́dọ̀ ju òjìji sórí iyùn. Ọ̀gá náà ṣí ìpele tuntun, ó fi sí Multiply, kò sì mú dúdú. Èyí ṣe pàtàkì lára àwa ènìyàn dúdú: òjìji lára awọ wa kò dúdú bí èédú, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ó ti ń ṣókùnkùn, ẹni tí ó bá sì fi dúdú tàbí eérú kùn ún yóò mú kí ọrùn dàbí ẹni pé ìdọ̀tí wà lára rẹ̀. Láti abẹ́ àgbọ̀n ìyá náà fúnra rẹ̀ ni ó ti mú àwọ̀ òjìji. Ó kùn ún ní tínrín, kí ó mú, kí ó sì ṣókùnkùn níbi tí iyùn ti fara kan awọ, kí ó sì máa rọ̀, kí ó máa parẹ́ bí ó ti ń jìnnà. Gbogbo rẹ̀ sì lọ sí òsì, níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ti ọ̀tún wá. Opacity rẹ̀ kò ju 40 lọ. Ìgbà náà ni orí ìyá jókòó.

Kò tíì parí. Ojú tí ó ti wo àwòrán kan láti àárọ̀ kì í rí àbùkù rẹ̀ mọ́, nítorí náà ó yí gbogbo àwòrán náà padà lápá ọ̀tún sí òsì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó lè dàbí tuntun lójú rẹ̀, ó sì rí i pé èjìká kan ga ju èkejì lọ. Ó tún fa ìlà Curves kan sókè gan-an fún àyẹ̀wò, kí ohun tí ó fara pamọ́ nínú dúdú lè yọ. Ibẹ̀ ni etí ọrùn kan tí ó gbàgbé ti hàn. Ó dá méjèèjì padà sípò, ó sì tún wọn ṣe. Kí ó tó fi ránṣẹ́ sí Ṣómólú, níbi tí a ti ń tẹ ọ̀pọ̀ pósítà agbègbè wa, ó tẹ abala tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti iwájú orí dé iyùn ṣáájú. Ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń fi àwòrán hàn, ìtẹ̀wé sì ń fi yíǹkì ṣe tirẹ̀. Òjìji tí ó rọ̀ lójú ẹ̀rọ máa ń pọ̀ jù lórí bébà, awọ dúdú sì máa ń pàdánù ìhunjọ rẹ̀. Ó mú kí òjìji abẹ́ àgbọ̀n mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ó rí abala náà. Bí ó bá ti tẹ ẹgbẹ̀rún pósítà kí ó tó mọ̀, owó àwọn ọmọ olóògbé ni ìbá ṣòfò.

Iṣẹ́ wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbà. Ojú tí a fi iná tẹlifóònù yà lóru, tí ó funfun láàárín, tí kò sì ní òjìji kankan, kò sí ara tí ó lè bá a lọ àfi èyí tí a fi irú iná bẹ́ẹ̀ yà. Ojú tí ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lè jókòó lórí àyà tí ó dojú kọ wa. Bí ọ̀gá bá sọ fún ẹbí ní kùtùkùtù pé kí wọ́n wá fọ́tò mìíràn, ó ti ṣe iṣẹ́ tí ó dára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ti kóòtù pásípọ́ọ̀tù yàtọ̀ pátápátá. Àbùkù rẹ̀ rọrùn láti mọ̀: àlàfo funfun láàárín ọrùn àti kọ́là, tàbí ọrùn tí ó gorí kọ́là nígbà tí ó yẹ kí kọ́là wà níwájú rẹ̀ kí apá ẹ̀yìn sì wà lẹ́yìn, láìsí òjìji kankan nínú kọ́là náà. Oníṣẹ́ tí ó bá mọ ohun tí mo ti sọ lè tún un ṣe títí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní rí i. Ṣùgbọ́n ìjọba Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí a fi ẹ̀rọ yí ìrísí ẹni padà nínú fọ́tò físà, fọ́tò tí a bá sì ti fọwọ́ kùn lè mú kí wọ́n dá ìwé ẹni padà. Kóòtù gidi kan, kí a gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, kí oníbàárà wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, ó sàn ju gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àti bàbá láyé ní Kétu, Alápẹ̀rẹ̀, Ògúdù àti gbogbo Kòsọ̀fẹ́: ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fẹ́ràn lọ́jọ́ kan, kí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ẹ yà wọ́n láti orí dé ìbàdí, kí ẹ sì tọ́jú ojúlówó fáìlì náà sí ibi méjì. Bí ó bá sì ti pẹ́ jù fún ìyẹn, kí ẹ tó sanwó fún pósítà, ẹ ní kí oníṣẹ́ fi òjìji imú hàn yín, kí ó sì fi òjìji iyùn hàn yín. Bí wọn kò bá lọ sí apá kan náà, ẹ má gbà á.